Ilẹ̀ tó ń di aṣálẹ̀ lókè Ọya: àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí l'Óṣogbo

Níbi tí wọ́n ti ń hu ọmọ igi tà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Óṣogbo, mo sì ṣe àgùnbánirọ̀ ní ìpínlẹ̀ Katsina. Bí òjò bá ti pẹ́ tàbí tí owó èédú bá ti fò sókè, ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn máa ń gbé wá. Mo kó wọn jọ síbí kí n má baà máa tún un sọ.

Kí là ń pè ní ilẹ̀ dídi aṣálẹ̀?

Kì í ṣe iyanrìn tó fẹ́ wá bo ilẹ̀ nìkan. Ilẹ̀ tó ń hu koríko àti igi tẹ́lẹ̀ ni okun rẹ̀ ń tán díẹ̀díẹ̀, tí òjò tó ń rọ̀ sórí rẹ̀ kò ráyè wọlé mọ́, tí ohun tí wọ́n gbìn síbẹ̀ kò sì ṣe dáadáa mọ́. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́dún 1994 fi orúkọ yìí mọ sórí àwọn ilẹ̀ tí kì í rí omi tó, ó sì ka ojú ọjọ́ àti ọwọ́ èèyàn pọ̀ mọ́ ohun tó ń fà á.

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń mọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á mú òjò tó ń rọ̀ lọ́dún, wọ́n á fi omi tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ lè fà gbẹ lọ́dún náà pín in. Bí èsì rẹ̀ bá bọ́ sáàárín 0.2 àti 0.5, ọ̀dàn gbígbẹ nìyẹn. Òjò àyíká Katsina tó bíi 600 mílímítà, oòrùn ibẹ̀ sì lè fa bíi 2,000 gbẹ. Ẹ pín in, 0.3 lẹ máa rí.

Ṣé Sàhárà ló ń rìn bọ̀ wá bá wa?

Rárá o. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ibi tó ti ṣẹ̀. Lọ́dún 1975, onímọ̀ àyíká kan, Hugh Lamprey, fi ọkọ̀ òfuurufú yẹ ilẹ̀ Sudan wò, ó fi ohun tó rí wé àwòrán ilẹ̀ ọdún 1958, ó sì sọ pé aṣálẹ̀ ti sún tó 90 sí 100 kìlómítà láàárín ọdún 17. Àwọn tó yẹ iṣẹ́ náà wò lẹ́yìn náà rí i pé ìlà tó wà nínú àwòrán àtijọ́ kì í ṣe ibi tí ewéko parí sí gan-an, bí wọ́n ṣe rò pé òjò ń rọ̀ ni wọ́n fi fà á. Ọdún 1975 fúnra rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ọ̀dá ńlá tó gbẹ gbogbo nǹkan.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi sátẹ́láìtì wo ewéko láti òkè, ohun tí wọ́n rí yàtọ̀. Láti 1980 sí 1984, etí Sàhárà sún wá sí gúúsù tó bíi 240 kìlómítà. Lọ́dún 1985 nìkan, ó padà sẹ́yìn tó bíi 110. Ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ bẹ́ẹ̀, òjò ló ń tẹ̀ lé. Ìbàjẹ́ tòótọ́ kì í tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ wá láti Sàhárà. Káàkiri ló ti máa ń là bí ìpá lórí: ẹ̀yìn abúlé, ẹ̀bá kànga, ojú ọ̀nà màlúù.

Òṣogbo ńkọ́? Ṣé ilẹ̀ tiwa náà lè di aṣálẹ̀?

Òjò tiwa ń kọjá 1,200 mílímítà lọ́dún, nítorí náà a ò sí nínú ọ̀dàn gbígbẹ, kí ẹnikẹ́ni má fi dẹ́rù bà yín. Ohun tí a lè pàdánù ni igbó. Apá púpọ̀ nínú ọ̀dàn tó lọ sí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, igbó ni tẹ́lẹ̀ kí oko àti iná ọdọọdún tó sọ ọ́ di pápá. Ẹni tó bá jáde láti inú Igbó Ọ̀ṣun bọ́ sójú títì ti rí ìyàtọ̀ náà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìyà tó ń jẹ wọ́n lókè Ọya kò ṣàì kàn wá, ṣùgbọ́n ọjà ló ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀wà, àlùbọ́sà àti màlúù tí à ń rà, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá.

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ń lọ?

Ẹ má wòkè, ẹ wo ilẹ̀. Ẹ bu omi ife kan, kí ẹ dà á jẹ́jẹ́ sójú kan. Bó bá wọlé, ilẹ̀ yẹn ṣì ní ẹ̀mí. Bó bá ṣàn lọ tó fi ojú ilẹ̀ tó ń dán sílẹ̀, èèpá ti bò ó nìyẹn. Òjò tó ń rọ̀ sórí ilẹ̀ tí kò ní ewé ló ń fọ́ erùpẹ̀ kúnná, tí erùpẹ̀ náà á wá lẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀kọ tó gbẹ sínú ìkòkò. Ẹ tún wo ìdí igi kéékèèké: bí gbòǹgbò bá yọ síta, tí ìdí koríko sì ga ju ilẹ̀ tó yí i ká lọ, ẹ fi ọwọ́ wọn gíga yẹn. Erùpẹ̀ tó ti lọ ni.

Irú koríko tó kù ló ń sọ òótọ́ jù. Ilẹ̀ tó dára máa ń ní irú eruwà ńlá tí àwọn Hausa ń pè ní gámbà, èyí tí wọ́n fi ń hun ẹní tí wọ́n fi ń ṣọgbà. Kì í kú lẹ́yìn òjò, gbòǹgbò rẹ̀ ń gbé ilẹ̀ títí òjò mìíràn á fi dé. Bí ẹran bá jẹ ẹ́ tán pátápátá, kàràngíyà ló máa ń gba ipò rẹ̀, koríko ẹlẹ́gùn-ún tí èso rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Ọdún kan ni ọjọ́ ayé kàràngíyà. Bí òjò bá ti lọ, òun náà ti lọ, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á wá máa bá erùpẹ̀ ṣeré.

Ta ló jẹ̀bi, òjò ni tàbí èèyàn?

Ọ̀dá tó mú Sahel, ilẹ̀ gbígbẹ tó wà ní gúúsù Sàhárà, ní 1972 sí 1973 àti ní 1983 sí 1984, ẹ̀bi èèyàn ibẹ̀ kọ́. Lọ́dún 1975, onímọ̀ ojú ọjọ́ kan, Jule Charney, gbé àbá kan kalẹ̀ pé ẹran tó jẹ koríko tán ń sọ ilẹ̀ di funfun, ilẹ̀ funfun ń da ìtànṣán oòrùn padà sókè, ìyẹn ló sì ń lé òjò. Àbá náà lọ́gbọ́n nínú, àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé bí omi òkun ṣe gbóná sí ló darí òjò Sahel jù lọ. Ohun tí màlúù àti àáké ṣe ni pé wọ́n mú kí ilẹ̀ ṣòroó padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ọ̀dá.

Iye òjò ọdún kan sì lè tan èèyàn jẹ. Ó lè pé 600 mílímítà bó ṣe yẹ, kí ó wá dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n gbin jéró tán. Ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa ní ibùdó wa gbin jéró ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún tí mo wà níbẹ̀. Òjò àkọ́kọ́ tàn wọ́n, ìkejì tàn wọ́n. Nígbà ìkẹta, bàbá ilé náà ti ta ewúrẹ́ méjì kó tó rí irúgbìn rà. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ló máa ń gé igi tà lọ́dún yẹn, ẹ má dá wọn lẹ́bi.

Màlúù mélòó ni ilẹ̀ kan lè gbà?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Màlúù tó wọn 250 kìlò ń jẹ koríko gbígbẹ bíi 6.25 kìlò lóòjọ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá gba oṣù mẹ́jọ, ìyẹn ọjọ́ 240, màlúù kan nílò 1,500 kìlò kí òjò tó dé.

Níbi tí òjò ti tó 500 mílímítà, ẹ jẹ́ ká ní hẹ́kítà kan hu koríko gbígbẹ 1,200 kìlò. Ìdá mẹ́ta là ń pín in sí: ẹran á jẹ ọ̀kan, wọ́n á tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀, ikán á sì bá wọn mú nínú rẹ̀, ìkẹta gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kó lè bo erùpẹ̀ nígbà òjò àkọ́kọ́. Ohun tí màlúù rí jẹ lórí hẹ́kítà kan kò ju 400 kìlò. Màlúù kan gba hẹ́kítà mẹ́rin dín díẹ̀, ọgọ́rùn-ún màlúù gba 375.

Ohun tó ń bà á jẹ́ nìyí: lọ́dún tí òjò bá fi ìdajì gé koríko, ọgọ́rùn-ún màlúù yẹn nílò 750 hẹ́kítà, àwọn màlúù náà kò sì dín kù. Ẹni tó bá fẹ́ sọ iye ẹran di nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọdọọdún, kò tíì rí irú òjò yẹn rí.

Ṣé àwọn darandaran ló ba ilẹ̀ jẹ́, àbí irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ wọn?

Ìdáhùn mi kì í tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Níbi tí òjò ti ń yàtọ̀ gan-an lọ́dọọdún, ọ̀dá ló máa ń pa ẹran kí ẹran tó rí àyè pa koríko. Ìdí nìyẹn tí àwọn Fúlàní fi ń ṣí kiri, ibi tí òjò bá rọ̀ sí ni wọ́n ń tọ̀. Bí oko bá ti dí ojú ọ̀nà wọn, tàbí tí ìjà kò jẹ́ kí wọ́n kọjá, màlúù á dúró sójú kan, ibẹ̀ ni ilẹ̀ yóò sì ti bàjẹ́.

Ẹ lọ wo ẹ̀bá kànga ẹlẹ́rọ tí wọ́n gbẹ́ sáàárín pápá. Omi wà títí ọdún, nítorí náà ẹran kò lọ mọ́. Ilẹ̀ á pá yíká kànga náà bí àtẹ́lẹwọ́, koríko á sì máa dára díẹ̀díẹ̀ bí ẹ bá ṣe ń rìn jìnnà sí i. Ẹni tó gbẹ́ kànga náà rò pé àánú lòun ń ṣe.

Àsìkò tún ṣe pàtàkì ju iye ẹran lọ. Koríko tó ti gbẹ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, bí màlúù bá jẹ ẹ́, gbòǹgbò kò mọ̀ ọ́n lára púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́ ni ewu wà. Nígbà náà ni eruwà ń ná oúnjẹ tó kó pamọ́ sí ìdí rẹ̀ láti fi yọ ewé tuntun. Bí wọ́n bá bù ú jẹ, tó tún yọ, tí wọ́n tún bù ú jẹ, owó àpò rẹ̀ tán, ó kú. Bí wọ́n bá lè dá ẹran dúró títí koríko á fi ga dé orúnkún, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Èédú tí à ń dáná ńkọ́?

Obìnrin abúlé tó ń ṣa igi gbígbẹ kì í sábà pa igbó. Ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1980, ìbẹ̀rù wà pé igi ìdáná máa tán pátápátá. Kò tán. Nínú oko yíká Kano, àwọn àgbẹ̀ ń dá igi sí nínú oko wọn, wọ́n ń gé ẹ̀ka, wọn kì í pa ìdí rẹ̀.

Èédú fún ìlú ńlá ló yàtọ̀. Wọ́n á to igi tútù jọ, wọ́n á fi koríko àti erùpẹ̀ bò ó, wọ́n á sì jẹ́ kó jóná pẹ̀lú èéfín fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Nínú ọgọ́rùn-ún kìlò igi, 10 sí 20 ni èédú tó ń jáde. Bí a bá fi 15 ṣe é, àpò èédú 40 kìlò jẹ́ nǹkan bí 270 kìlò igi. Igi tó le ni wọ́n sì ń wá: ayìn àti ẹmì. L'Ọ́jà Igbóǹà, àwọn tó mọ èédú á mú méjì kan ara wọn, bó bá dún bí irin, wọ́n á ní "ayìn rèé, ó máa pẹ́ nínú iná." Wọn kò purọ́, ṣùgbọ́n igi tí wọ́n ń yìn yẹn ló ń pẹ́ kó tó dàgbà jù. Àwọn tí mo ń rà lọ́wọ́ wọn sọ pé Òkè-Ògùn ni tiwọn ti ń wá, kì í ṣe Katsina.

Àáké nìkan kì í pa igi ọ̀dàn. Púpọ̀ nínú wọn máa ń sọ láti ìdí. Ohun tó ń pa á ni kí wọ́n gé e, kí ewúrẹ́ jẹ èéhù rẹ̀, kí iná jó o, kí wọ́n tún wá fi ọkọ́ hú ìdí rẹ̀.

Kí ló dé tí igi tí wọ́n ń gbìn káàkiri kì í yè?

Àwọn tó ń gbìn ín kì í dúró tì í. Nígbà tí mo wà ní Katsina, iléeṣẹ́ kan kó ọmọ igi wá ní ìparí oṣù kẹjọ. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n lọ. Òjò ibẹ̀ ń tán lóṣù kẹsàn-án. Gbòǹgbò kò tíì gùn ju ìka ọwọ́ lọ nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, ohun tó sì kù, ewúrẹ́ jẹ ẹ́. Nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ lóṣù kìn-ín-ní, ike dúdú tí wọ́n fi kó wọn wá ni mo rí tó ń fò kiri.

Ìgbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ lóṣù keje ló yẹ kí wọ́n gbìn ín, kí wọ́n sì ṣọgbà yí i ká. Iṣẹ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2007, tí wọ́n ń pè ní Ògiri Aláwọ̀ Ewé, kọ́kọ́ dà bí ìlà igi kan ṣoṣo láti òkun dé òkun. Wọ́n ti yí i padà sí títún ilẹ̀ ṣe lóríṣiríṣi bí ibì kọ̀ọ̀kan ṣe rí, ó sì sàn bẹ́ẹ̀. Igi ni mo ń tà, síbẹ̀ mo ń sọ fún yín pé èyí tí a kò gbìn ló máa ń yè jù.

Igi wo ni a kò gbìn tó ń yè?

Kùkùté ni. Lọ́dún 1983, Tony Rinaudo, ará Australia tó ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè Maradi ní orílẹ̀-èdè Niger, ti gbin igi títí ó fi sú u. Ó dúró wo igbó kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó wá rí i pé ewé igi ló wà lórí rẹ̀: kùkùté igi tí wọ́n ti gé ni, tó ń sọ lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ń sán an lọ́dọọdún. Gbòǹgbò àtijọ́ ṣì wà nísàlẹ̀, ó ti mọ ibi tí omi wà. Láti ibẹ̀, iṣẹ́ náà tàn láti oko dé oko títí ó fi dé nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún hẹ́kítà ní Niger.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n tó palẹ̀ oko mọ́, àgbẹ̀ á rìn yíká, á yan kùkùté tó fẹ́ dá sí, bíi 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí hẹ́kítà kan. Kùkùté kan lè ní èéhù ogún. Á mú mẹ́ta sí márùn-ún tó ga tó sì nà tààrà, á gé ìyókù. Èyí tó mú náà, á fi ọ̀bẹ mímú gé ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé ìdajì gíga rẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni kí ọ̀bẹ gbà, torí bó bá fà á wálẹ̀, èèpo á ya, àìsàn á gbabẹ̀ wọlé. Ewé tó gé, á fi í sílẹ̀ lórí oko kó bo erùpẹ̀. Á máa padà wá ní oṣù mélòó kan síra wọn láti gé èéhù tuntun.

Àṣìṣe tí mo rí jù ni ojúkòkòrò: wọ́n á gé ẹ̀ka kọjá ìdajì torí pé wọ́n ń wá igi ìdáná, igi á wá ga tẹ́ẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ á ṣẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá ní sùúrù, ọdún kejì ni wọ́n á máa gé ọ̀kan nínú èéhù náà fún ìdáná, tí wọ́n á fi ọ̀dọ́ mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Bí aládùúgbò bá wá gé e ńkọ́?

Ibí gan-an ni iṣẹ́ náà ti ń dàrú. Òfin Niger nígbà kan sọ pé ìjọba ló ni igi, bó tiẹ̀ hù nínú oko ẹni. Àgbẹ̀ tó bá gé igi oko rẹ̀ lè san ìtanràn, nítorí náà ó yá a lára láti sán an nígbà tó ṣì kéré. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó dẹwọ́, tí àgbẹ̀ mọ̀ pé tòun ni igi náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó kọ́kọ́ pe baálẹ̀, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn darandaran jọ, kí wọ́n fẹnu kò lórí ẹni tó lè gé e, àti iye tí ẹni tó bá jí i gé yóò san.

Ilẹ̀ tó ti le bí àpáta, tí kò ní kùkùté kankan ńkọ́?

Ẹ gbẹ́ ihò. Àgbẹ̀ kan ní Burkina Faso, Yacouba Sawadogo, ló sọ ọ̀nà ìbílẹ̀ yìí, tí wọ́n ń pè ní zaï, di nǹkan ńlá. Ó gba ẹ̀bùn Right Livelihood lọ́dún 2018. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á gbẹ́ ihò tó fẹ̀ tó 20 sí 40 sẹ̀ǹtímítà, tó jìn tó 10 sí 20, wọ́n á kó erùpẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ihò náà tí omi ń ṣàn lọ sí, kó lè dá omi dúró. Wọ́n á fi ìgbẹ́ ẹran sínú rẹ̀. Ìgbẹ́ náà á pe ikán wá, ikán á lu ilẹ̀ jálẹ̀, omi òjò á rí ọ̀nà wọlé. Jéró tàbí ọkà bàbà ni wọ́n á gbìn síbẹ̀.

Ìgbẹ́ ló máa ń wọ́n. Bí ihò bá jìnnà síra wọn ní 80 sẹ̀ǹtímítà, ihò tó ju 15,000 ló wà lórí hẹ́kítà kan. Bí ihò kọ̀ọ̀kan bá gba 300 gíráàmù, ìgbẹ́ náà lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀. Màlúù tí wọ́n ń lé dànù lọ wá di ẹni tí wọ́n ń bẹ̀. Lórí ilẹ̀ oníyanrìn, ẹ má dán an wò, ihò á wó dí.

Bí òjò bá padà, ṣé ilẹ̀ náà á padà?

Láti ìparí ọ̀dá ọdún 1984, sátẹ́láìtì ti rí i pé ewéko ń tutù sí i ní ọ̀pọ̀ ibi ní Sahel. Èyí mú àwọn kan sọ pé ọ̀rọ̀ aṣálẹ̀ ti parí. Ẹ̀rọ tó wà lókè ń rí àwọ̀ ewé, kò mọ̀ bóyá gámbà ni tàbí kàràngíyà. Níbi tí kùkùté, èso koríko àti erùpẹ̀ òkè ilẹ̀ bá ṣẹ́ kù, òjò méjì mẹ́ta tó dára lè jí i dìde. Níbi tí erùpẹ̀ òkè ti lọ, tí ìsàlẹ̀ pupa ti yọ, òjò á kàn máa fọ̀ ọ́ lọ sínú gọ́ọ̀tà ni.

Lẹ́yìn ibùdó wa ní Katsina, gbogbo ilẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ lóṣù kẹjọ, a tiẹ̀ ya fọ́tò níbẹ̀. Mo padà síbẹ̀ lóṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e. Erùpẹ̀ lásán ni, àti èso kàràngíyà tó lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò mi títí mo fi wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ kan ṣe wà, oṣù kejì ni kó lọ wò ó.